Ọjọ́ Tí Mo Fagi Lé Yúnìtì Kẹrìnlá

Ìdìbò mẹ́ta ni mo ti bá wọn ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwa olùkọ́ sì ni àjọ elétò ìdìbò sábà máa ń pè láti jókòó sí wọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ wa ni pé kí a gba èsì lọ́wọ́ àwọn tó bójú tó ìdìbò ní yúnìtì kọ̀ọ̀kan, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a rò ó pọ̀, kí a sì gbé àròpọ̀ wọ́ọ̀dù lọ bá ẹni tí yóò ro ti gbogbo wọ́ọ̀dù pọ̀, tí yóò sì kéde ẹni tó wọlé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mi ò ní parọ́, mo máa ń ṣe fáàrí pẹ̀lú rẹ̀. Alájà ni gbogbo wọn ń pè mí, wọ́n sì máa ń sọ pé tí Alájà bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kò sí ẹni tó tún un rò mọ́.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Álífáà ni bàbá mi, télọ̀ sì ni pẹ̀lú. Àárọ̀ la máa ń lọ sí ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí, ọ̀sán la máa ń lọ sí ilé-kéwú, lórí ẹní, lábẹ́ igi ọ̀dán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi pé ẹlẹ́rìí ni gbogbo ọmọ Ádámọ̀, àti pé ohun tí ojú rí ni kí ẹnu sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún bàbá mi àti fún ẹní yẹn. Bí kò bá sí wọn, bóyá ọjà ni ǹ bá wà títí dòní, kò sì sí ẹni tí ìbá pè mí láti ṣe ohunkóhun.

Ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ti ọdún náà. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n rán mi lọ wà ní ìgbèríko, lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni a lò. Yúnìtì mẹ́tàdínlógún ló wà lábẹ́ mi. Wọ́n to bẹ́ǹṣì méjì fún àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n gbé tábìlì olùkọ́ fún mi, ọlọ́pàá mẹ́rin sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Láti nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tó bójú tó yúnìtì ti ń dé lẹ́yìn ọ̀kadà àti nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àpò ńlá, ìwé orúkọ àwọn olùdìbò àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ojú àti ìka olùdìbò wò.

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí. Fọ́ọ̀mù kan ni ti yúnìtì kọ̀ọ̀kan. Iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ wà níbẹ̀, iye àwọn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò tó sì gbà, iye ìwé ìdìbò tí wọ́n kó fún wọn, iye tó ṣẹ́ kù, iye tó bàjẹ́, iye tí wọ́n kọ̀, àti iye tó dáa. Lẹ́yìn náà ni ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀. Èmi á kọ́kọ́ ro ti àwọn ẹgbẹ́ pọ̀ bóyá ó bá ìbò tó dáa mu. Màá fi èyí tí wọ́n kọ̀ kún un. Màá wá wò ó bóyá àpapọ̀ yẹn ò ju iye tí ẹ̀rọ gbà lọ. Tó bá jù ú lọ, ìbò pọ̀ ju olùdìbò lọ nìyẹn, òfin sì ní kí a fagi lé èsì yúnìtì náà.

Mẹ́tàlá àkọ́kọ́ lọ geere. Yúnìtì kejì ṣi ìròpọ̀ ṣe pẹ̀lú mẹ́wàá, a tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀kẹrìnlá ló kàn.

Àgùnbánirọ̀ obìnrin kan ló gbé e wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Eruku ti sọ kákí rẹ̀ di pupa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi. Mo rò ó. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, 41. Ẹgbẹ́ alátakò, 158. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yòókù, 10. Igba lé mẹ́sàn-án, ó bá a mu. Mẹ́ta ni wọ́n kọ̀. Igba lé méjìlá. Ìwé ìdìbò tí wọ́n kó fún un jẹ́ 350, èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́ 138. Ìyẹn náà bá a mu. Mo wá wo iye tí ẹ̀rọ gbà. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló kọ síbẹ̀.

Mo tún un wò. Mo ní kó fi ẹ̀rọ náà hàn mí. Ojú ẹ̀rọ náà sọ bákan náà: 94.

"Kọ́pà," mo ní, "ènìyàn mélòó ló dìbò lọ́dọ̀ rẹ?"

"Igba lé méjìlá, mà."

"Mélòó ni ẹ̀rọ gbà?"

"Mà, ẹ̀rọ méjì la lò. Ti àkọ́kọ́ dákú nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Wọ́n gbé òmíràn wá fún wa, wọ́n sì gbé ti àkọ́kọ́ lọ sí ìlú. Èyí kejì lẹ ń wò yẹn."

Aṣojú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, bàbá kan tó ń ta pákó, ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Àádọ́rùn-ún wọlé, igba jáde! Kọ́pà, ṣé ìlú ìbejì ni wọ́n rán ọ lọ ni?"

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọlọ́pàá pàápàá rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí o ò kọ ti ẹ̀rọ méjèèjì?" mo bi í.

"Níbi tí wọ́n ti kọ́ wa, wọ́n ní ohun tó bá wà lójú ẹ̀rọ ni ká kọ, ká má fi ti orí ara wa kún un. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ́, èyí kejì ló wà lọ́wọ́ mi. Mi ò rántí iye ti àkọ́kọ́, mà, mi ò sì fẹ́ parọ́."

Ohun tí mo ń rántí jù lọ nìyẹn. Kò fẹ́ parọ́. Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tirẹ̀ ni èmi náà kọ́ lórí ẹní.

Aṣojú ẹgbẹ́ alátakò, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, na ọwọ́ sókè pẹ̀lẹ́. "Alájà, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé orúkọ wà nínú àpò rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ bá gbà, ó gbọ́dọ̀ sàmì sí orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka àmì náà. Kò lè gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ."

"Tíṣà, ẹ jókòó!" bàbá oní-pákó jágbe. "Àmì tí ẹnikẹ́ni lè fi bírò fà lábẹ́ igi? Ẹ̀rọ ni òfin sọ!"

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ni òfin kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n má wo ohun mìíràn. Mo lè ka àmì náà. Mo lè fóònù sí ìlú kí wọ́n wo ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Mo lè gbé èsì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n ṣe mẹ́ta tó kù, kí n padà sí i. N ó sọ ìdí tí mi ò fi ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀. Mi ò fẹ́ kí ìrun Màgáríbì bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn mẹ́ta tó kù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ebi ń pa wọ́n. Mo sì gbàgbọ́ pé nọ́ńbà kì í ní ẹnu méjì, pé èmi kò sì lè ṣe àṣìṣe níbi tí nọ́ńbà bá ti sọ̀rọ̀.

Mo mú bírò, mo fagi lé yúnìtì kẹrìnlá. Mo kọ ọ́ sí ibi àlàyé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ìbò pọ̀ ju olùdìbò lọ. Mo sì kà á sókè, nítorí òfin ni pé kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Àgùnbánirọ̀ náà kò sunkún. Ó kàn ń sọ ọ́ pé, "Mà, ẹ kà á. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kà á."

Ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin náà bọ́ síwájú. "Alájà, ṣé ká mú un dání kó lọ ṣàlàyé ní tésàn?"

Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lójú òfin kí ẹni tó bójú tó yúnìtì di ìbò kún ìbò. Ó lè ṣẹ̀wọ̀n. Kò ní gba ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ mọ́, ìyẹn sì ni pé kò sí iṣẹ́ ìjọba kankan tí yóò gbà á láyé. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Iṣẹ́ yín nìyẹn. Tèmi ni ìṣirò."

Mo ro mẹ́ta tó kù pọ̀, mo sì gbé bútà, mo bọ́ sẹ́yìn kíláàsì láti ṣe àlùwàlá. Mo ń fọ ẹsẹ̀ òsì mi ni mo gbọ́ ariwo.

Ìròyìn ti jáde láti ojú fèrèsé. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé tí a fagi lé ìbò wọn ti gbọ́ pé kọ́pà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé ẹgbẹ́ ìjọba ló rán an níṣẹ́ kó di ìbò kún un kí wọ́n lè rí ìdí fagi lé e. Àwọn kan náà tó ti bu omi fún un mu lọ́sàn-án. Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń gbé e gun ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn ni òkò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Òkò kan bà á lójú ọ̀tún.

Nígbà tí mo sáré dé iwájú, ọkọ̀ náà ti lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé tó fẹ̀yìn tì yẹn dúró sí ojú ọ̀nà, ó ń fi fìlà rẹ̀ lu itan. Kò bá mi wí. Ó wò mí, ó ní, "Alájà, ogún ìṣẹ́jú."

Mo kírun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò lè sọ ohun tí mo kà nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo àwa tí a jókòó sí wọ́ọ̀dù pàdé ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni olórí, òun ni yóò kéde ẹni tó wọlé. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, Kátólíìkì, ó fi rosárì sí àpò àyà. Ó gba wọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè, akọ̀wé rẹ̀ ń kọ ọ́ sára pátákó. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ tán, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fi ìbò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta borí. Àwọn ènìyàn wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dìde. Ó wo ìwé mi.

"Alájà, yúnìtì kan ni ẹ fagi lé. Ènìyàn mélòó ló gba káàdì ìdìbò níbẹ̀?"

"Igba ó lé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, sà."

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Àwọn tí ìbò wọn ò sí nínú èyí ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Mi ò lè kéde ẹnikẹ́ni. Àfi tí wọ́n bá tún ìbò dì níbẹ̀, tàbí tó bá hàn pé kò yẹ kí ẹ fagi lé e." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ sọ bó ṣe jẹ́."

Mo dìde, mo sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀rọ méjì. Mo sọ pé wọ́n bẹ̀ mí kí n ka ìwé orúkọ, mi ò kà á.

Ó ránṣẹ́ sí onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wà nínú yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà, wọ́n ti ṣáàjì rẹ̀ mọ́jú. Ọ̀dọ́kùnrin náà tàn án lójú gbogbo aṣojú ẹgbẹ́. Nọ́ńbà yúnìtì kẹrìnlá ló wà lórí rẹ̀, ọjọ́ ìdìbò ló wà lórí rẹ̀, iye tó gbà sì ni méjìdínlọ́gọ́fà.

Mo rò ó lọ́kàn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. 118 àti 94. Igba lé méjìlá géérégé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n gbé ìwé orúkọ wá pẹ̀lú. Èmi ló ní kí n kà á. Mo ń ka àmì lójú ewé kọ̀ọ̀kan, aṣojú ẹgbẹ́ kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Igba lé méjìlá. Ogún ìṣẹ́jú ò pé.

Wọ́n dá èsì yúnìtì kẹrìnlá padà. 158 lọ fún alátakò, 41 fún ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Àwọn tó ti ń jó pé àwọn fi mẹ́tàdínlọ́gọ́ta borí wá fi ọgọ́ta pàdánù. Ọ̀jọ̀gbọ́n kéde ẹni tó wọlé, ó sì bu ọwọ́ lu ìwé.

Ìgbà yẹn ni bàbá oní-pákó tọ̀ mí wá. "Alájà, lánàá ẹ pa á, lónìí ẹ jí i dìde. Ẹ̀yin lẹ ń jí òkú! Ẹ kú iṣẹ́ ìyanu o." Àwọn tó tẹ̀lé e tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Àwọn ti ẹgbẹ́ kejì fẹ́ gbé mi sókè, wọ́n ń pè mí ní olódodo. Mi ò mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ìwé sí àwọn ọlọ́pàá nílé-iṣẹ́ wọn, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ. Wọ́n tú àgùnbánirọ̀ náà sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Orí sìmẹ́ńtì ló sùn mọ́jú, akísà ni wọ́n fi di ojú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà wò ó pẹ́, ó ní ó yẹ ká ti gbé e wá lálẹ́ àná.

Ojú náà kò fọ́ pátá. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló kù tó ń rí níbẹ̀.

Mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo máa ń gbé ọbẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ tó wá láti Ìjẹ̀bú á gbà á lọ́wọ́ mi, á sì ní, "Ẹ ṣeun, mà." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé ọmọ náà wà láàyè, pé kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀, pé wọn kò ní fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dù ú. Mo máa ń ka gbogbo ìwọ̀nyí níwájú Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mi ò kà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ní òun fẹ́ rí fọ́ọ̀mù wọ́ọ̀dù tí wọ́n tún ṣe. Mo lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo mú un wá. Ó gbé e sún mọ́ ojú òsì rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Méjìdínlọ́gọ́fà. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Igba lé méjìlá. Mẹ́ta. Igba lé mẹ́sàn-án. Ó rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé ó pé.

Ìka rẹ̀ wá dé ibi àlàyé.

"Kí ni wọ́n fa ìlà gbà níbí, mà?"

"Ohun tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, nígbà tí mo fagi lé e."

"Wọn ò lè pa á rẹ́ ni?"

Mo sọ fún un pé a kì í pa nǹkan rẹ́ lórí fọ́ọ̀mù èsì. Tí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́, ìlà kan ṣoṣo la máa ń fà gbà á, kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣeé kà, kí a má baà sọ pé a fi nǹkan pamọ́. Mo bu ọwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bu ọwọ́ lù ú.

"Ibi gbogbo tí ìwé yìí bá wà ló máa wà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó dáwọ́ dúró. Ọmọ náà na ìwé sí mi.

"Ojú mi ò gbé lẹ́tà kéékèèké yẹn, mà. Ẹ bá mi kà á."

Mo gbà á. Mo rò pé àánú lè mú kí ó ní kí n fi í sílẹ̀, mo dúró díẹ̀. Ó kàn yí ojú tó dáa sí mi, ó ń dúró.

Mo kà á sókè fún un, bí mo ṣe kà á lọ́jọ́ yẹn.